Àbàwọ́n Tí Alágbàfọ̀ Fọ̀ Dànù

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú obìnrin alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aláìlábàwọ́n, kò níláti bú u, kò sì níláti fi ọwọ́ kàn án. Kí ó kàn gbé aṣọ tí ó ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ nílé wá fún un.

"Kí lẹ fi fọ èyí?" ni yóò béèrè, tí yóò sì na aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bí dókítà tí ó ń wo àwòrán egungun.

"Omi gbígbóná díẹ̀ ni, mà. Mo ní kí n dín iṣẹ́ yín kù."

"Ta ló rán yín níṣẹ́? Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ sì da omi gbígbóná lé e lórí. Ẹ ti sè é mọ́ aṣọ nìyẹn! Ẹ máa jẹ́ kí n rí àbàwọ́n bó ṣe wà. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀, òróró ní tirẹ̀, tàdáwà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ti bà á jẹ́ kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí mo ń bá jà?"

Oníbàárà yóò tọrọ àforíjì, yóò sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí kò sí ọwọ́ mìíràn ní gbogbo àdúgbò náà tí ó lè mú kọ́là funfun mọ́ bí ọwọ́ obìnrin yìí. Ilé ìfọṣọ rẹ̀ kò tóbi. Káńtà tí ó ti ń gba aṣọ wà ní yàrá iwájú. Tábìlì ìlọṣọ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì tí ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú wà ní yàrá ẹ̀yìn. Okùn aṣọ kún ẹ̀yìnkùlé, a sì máa ṣòro láti rí ọ̀run láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Òun nìkan ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tí ó jáde nílé ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu: "Mi ò ṣe mọ́." Àwọn ọmọ náà ti dàgbà, wọ́n ti ní ilé tiwọn. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ti parí láyé òun, àfi ti ṣòkòtò wọn tí òun ń fọ̀.

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ tábìlì ìlọṣọ ṣẹ́. Wọ́n pe káfíńtà kan wá, ọkùnrin opó tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí kì í yára rìn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè ní Kò-kánjú. Ẹsẹ̀ tábìlì kan péré ni ó wá tún ṣe. Ó wọn ọ́n lónìí, ó tún padà wá wọn ọ́n lọ́la.

"Ṣé tábìlì yìí máa ń ga sí i lójoojúmọ́ ni?" ni Aláìlábàwọ́n bi í nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u.

"Kì í ṣe tábìlì ni mò ń wò," ni Kò-kánjú wí, ó sì ń fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí kò yẹ kí ó sàmì sí.

Wọ́n fẹ́ ara wọn lọ́dún tí ó kọjá, láìpariwo. Àwọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń ṣe bí ọmọdé, wọ́n rẹ́rìn-ín ti ara wọn. Ó dùn mọ́ obìnrin náà láti gbọ́ ohùn ayùn ní ẹ̀yìn ilé kí ó tó jí tán láàárọ̀. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣeré, ó ń pè é ní ìwọ, ó ń sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ. Ìgbà tí ó bá ń bínú nìkan ni ó máa ń sọ ọ́ di "ẹ̀yin". Bí Kò-kánjú bá sì ti gbọ́ "ẹ̀yin" yìí, yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé títí afẹ́fẹ́ yóò fi rọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ni ojú ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rò pé ọṣẹ ni. Ó pààrọ̀ ọṣẹ. Ó rò pé pátá ọ̀rá ni. Ó kó gbogbo wọn dànù, ó ra ti òwú. Yíyún náà kò gbọ́. Omi kan tí ó dà bí àwọ̀ ewé gbígbẹ, tí ó ní ìfófòó díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí obìnrin tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ lé òórùn kúrò lára aṣọ kò lè fara dà. Bí ó bá tọ̀, ó máa ń ta á. Ó lọ sọ́dọ̀ olóògùn ní igun òpópónà, ó ní òun fẹ́ "nǹkan fún yíyún," kò sì sọ ibi tí ó ń yún. Olóògùn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀. Ó na ìpara funfun kan sí i, èyí tí ó wà fún àkóràn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lára obìnrin. Ara tù ú díẹ̀, ó tún padà. Ó ra òmíràn. Ó fi omi iyọ̀ fọ inú. Ó fi ọtí kíkan fọ inú. Nígbà tí ó yá, ó bu díẹ̀ nínú oògùn apakòkòrò tí ó fi ń fọ aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ó fi omi là á, ó sì fi ìyẹn pẹ̀lú fọ̀ ọ́. Ó jó o bí ata. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé jíjó náà ni àmì pé ó ń ṣiṣẹ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni yóò sọ? Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Aláìlábàwọ́n.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọkọ rẹ̀. Ó ní Kò-kánjú ń han-run, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kì í han-run. Ó tẹ́ ibùsùn sí yàrá tí ó máa ń tò aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ sí, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Bí ọkùnrin náà bá na ọwọ́ sí i, yóò dìde bí ẹni tí ó rántí pé òun gbé omi kaná. Kò-kánjú kò bá a jà. Ó kàn dákẹ́ sí i ni, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ sì wúwo ju ariwo ẹlòmíràn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ yàrá ìlọṣọ wá, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Kọ́ńtírákítọ̀ kan pè mí. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ni wọ́n ń kọ́ lọ́nà jíjìn. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga, gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún kan ni."

"Ọdún kan?"

"Ọdún kan. Yóò fún mi ní yàrá níbẹ̀." Ó yí fìlà náà lọ́wọ́. "Mo sọ fún un pé n ó fèsì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí mo bá níláti máa dá sùn, kò sí ìyàtọ̀ bí mo bá dá sùn níbẹ̀."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Aláìlábàwọ́n gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ aláṣọ, àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà sì jóná.

Obìnrin tí ó ń bá a lọ aṣọ ni ó sáré gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò. Ẹlẹ́nu ni wọ́n ń pe òun, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìdí.

"Ọ̀gá mi, ẹ fẹ́ dáná sun wá ni?"

"Ojú mi ló fò lọ."

"Kì í ṣe ojú yín. Mo ti ń wò yín látijọ́. Ẹ ń fi ara họ ẹsẹ̀ tábìlì bí ewúrẹ́. Ẹ ti di ẹni tó ń wẹ̀ láàárọ̀, tó ń wẹ̀ lọ́sàn-án, tó tún ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ di ẹja ni?"

"Ẹlẹ́nu, iṣẹ́ ni mo gbà ọ́ sí."

"Iṣẹ́ náà ni mò ń ṣe. Ìsàlẹ̀ ló ń yún yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Aláìlábàwọ́n wo ilẹ̀kùn bóyá oníbàárà wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ, agbára kò sì sí nínú rẹ̀ láti parọ́.

"Ó pẹ́ tó ti ń yún mi," ni ó wí. "Mo ti lo ìpara olóògùn títí. Mo ti fi nǹkan gbogbo fọ̀ ọ́."

"Ó ti ṣe èmi náà rí o! Nígbà tí mo lo oògùn ọ̀fìnkìn líle yẹn. Tèmi funfun ni, ó ki bí wàrà tó dì, kò sì rùn. Ìpara yẹn náà ni mo lò, kí n tó mọ̀, ó ti lọ pátápátá, kò sì padà wá mọ́. Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi kò funfun. Ó sì ń rùn."

"Ẹ ò rí nǹkan? Kì í ṣe èyí tó ṣe mí ló ń ṣe yín. Ilé ìwòsàn àwọn obìnrin wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ yín wò."

"Ní ọjọ́ orí mi yìí? Kí n ká yẹ̀rì sókè fún ọmọdé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ẹ fẹ́ràn yẹ̀rì ju ọkọ yín lọ. Mo gbọ́ ohun tí bàbá wí lẹ́ẹ̀kan. Ògiri yìí kò nípọn."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó gún un lára. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Aláìlábàwọ́n múra àtilọ. Kì í ṣe irú obìnrin tí yóò gbé ara tí kò mọ́ lọ síwájú àlejò. Nítorí náà, ó gbé omi kaná, ó bu apakòkòrò sí i ju bí ó ti máa ń bù ú lọ, ó fi fọ inú lẹ́ẹ̀kan, ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ìpara olóògùn náà lé e. Ó wọ pátá funfun tí ó ti lọ̀. Bí ó ti ń jáde nílé, ó dá a lójú pé kò sí obìnrin tí yóò mọ́ jù òun lọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì tí ó gbà á wọlé kò ju ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ àgbà lọ. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí nǹkan kì í yà lẹ́nu, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń béèrè ọ̀nà. Báwo ni omi náà ṣe rí? Ṣé inú ìsàlẹ̀ ń dùn ún? Ṣé ibà wà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti ìgbà tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀? Ṣé egbò wà? Ṣé àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé?

"Ó ń rùn, ó ń yún. Rárá sí gbogbo ìyókù," ni Aláìlábàwọ́n wí.

"Ó dára, mà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà, a kò ní jẹ́ kí ẹ dúró di ọ̀la. Ṣé ẹ ní ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin tuntun láìpẹ́?"

"Ọkọ ni mo ní. A fẹ́ ara wa lọ́dún tó kọjá. Èmi kì í ṣe ọmọge kiri."

"Mi ò pè yín bẹ́ẹ̀, mà. Gbogbo ẹni tó bá jókòó lórí àga yẹn ni mo máa ń bi."

Ó dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́jẹ́, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú mú díẹ̀ nínú omi ojú ara rẹ̀, ó gbé e lọ sí yàrá kejì níbi tí ẹ̀rọ awò-kòkòrò wà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà wọlé. Nígbà tí ó dé, ó jókòó, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Mi ò rí nǹkan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀."

"Ẹ ṣeun!" ni Aláìlábàwọ́n wí, ó sì ti ń wá bàtà rẹ̀. "Ó túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan."

"Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ara yín pupa nínú lọ́hùn-ún, ó sì bó díẹ̀. Mà, ẹ má bínú. Kí lẹ fi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wá?"

Aláìlábàwọ́n gbé orí sókè. "Mo wẹ̀. Ṣé ó yẹ kí n wá báyìí láìwẹ̀?"

"Kì í ṣe ìta ni mò ń sọ. Inú ni. Òórùn apakòkòrò ń jáde láti ibẹ̀, ìpara sì wà níbẹ̀. Ẹ ti fọ ohun tí mo fẹ́ wò dànù. Èyí tó ṣẹ́kù, ìpara ti bò ó. Mi ò mọ ohun tí à ń bá jà."

Alágbàfọ̀ náà dẹ́kun wíwá bàtà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni ọmọ yìí ń bá a sọ. Àwọn ènìyàn tí ó ti pariwo mọ́ láti ẹ̀yìn káńtà tò kọjá níwájú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti fi omi gbígbóná bà jẹ́ nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀gbin rẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ lójijì.

"Mo ti sè é mọ́ aṣọ," ni ó wí.

"Kí ni, mà?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Nọ́ọ̀sì náà ṣàlàyé fún un. Ó ní ojú ara máa ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó ní àwọn kòkòrò rere tí ń ṣọ́ ọ, àti pé fífi nǹkan fọ inú máa ń lé àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí lọ ni. Omi lásán ti tó fún ìta. Ó ní kì í ṣe gbogbo yíyún ni àkóràn, ọṣẹ àti gbígbẹ ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró náà lè fà á. Èyí tí ó sì jẹ́ àkóràn kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó jọ ìwúkàrà tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú máa ń funfun, ó máa ń ki, ó sì máa ń yún gan-an. Òun ni ìpara olóògùn wà fún. Èyí tí ó máa ń wáyé nígbà tí àwọn kòkòrò rere bá dín kù máa ń ṣàn bí omi eérú, òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹja. Ẹ̀kẹta wà tí ń gba ìbálòpọ̀ kọjá.

"Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dájúdájú," ni ó wí. "Ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá bí oògùn olóògùn kò bá mú un lọ, tàbí tó bá ń lọ tó ń bọ̀, tàbí tí alábàálòpọ̀ bá jẹ́ tuntun, tàbí tí obìnrin bá lóyún. Ẹ lọ sílé. Ẹ má fi nǹkan kan fọ inú, ẹ má fi ìpara sí i, ẹ má bá ọkọ yín sùn. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

"Lọ́jọ́ Ẹtì? Kí n máa rùn títí di ọjọ́ Ẹtì?"

"Ẹ máa fi omi wẹ ìta, mà. Kò sí ẹni tó máa kú."

Ọjọ́ Ẹtì ni Kò-kánjú fẹ́ fèsì fún kọ́ńtírákítọ̀ náà.

Àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ó le jù nínú iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe rí. Ó fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí kò yẹ fún fífọ̀. Ó bọ́ kọ́tínì ilé, ó fọ̀ ọ́. Bí ó bá dé ibi tí ìgò apakòkòrò wà, yóò dúró wò ó bí ọ̀mùtí tí ń wo ìgò ọtí. Nígbẹ̀yìn, ó gbé e fún Ẹlẹ́nu pé kí ó gbé e lọ sílé rẹ̀.

"Kí n máa mu ún ni?" ni Ẹlẹ́nu bi í.

"Fi fọ ẹnu rẹ!"

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ó rìn wọlé bí ẹni tí ó gbé aṣọ ẹlẹ́gbin dání láàárín ọjà, ṣùgbọ́n ó rìn wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kò pẹ́ nínú yàrá kejì. Ó pè é wá.

"Ẹ wá fi ojú ara yín rí i."

Nínú ìmọ́lẹ̀ róbótó náà, àwọn nǹkan kékeré tí ó rí bí èso tí wọ́n ní ìrù ń gbọ̀n, wọ́n ń yí, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Aláìlábàwọ́n wò wọ́n títí. Kò mọ̀ bóyá kí ó bì tàbí kí ó kí wọn.

"Tirikomónáàsì ni orúkọ rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀kẹta tí mo sọ nìyẹn. Ìpara yẹn kò lè pa á, ì báà jẹ́ agbọ̀n kan lẹ kó. Oògùn tí wọ́n ń gbé mì ni yóò mú un lọ, ó sì máa ń lọ. Àmọ́ ọkọ yín gbọ́dọ̀ lo tirẹ̀. Bí ẹ̀yin nìkan bá lò ó, ẹ ó tún kó o. Kí ẹ má sì sún mọ́ra títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi lò ó tán tí nǹkan kan kò sì ṣe yín mọ́, bí ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ẹ padà wá ká tún un wò. Màá gba ẹ̀jẹ̀ yín lónìí pẹ̀lú, kí a lè wo àwọn àrùn yòókù tó ń gba ọ̀nà kan náà, nítorí wọ́n máa ń rìn pọ̀ nígbà mìíràn."

Obìnrin náà kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń dún lórí rẹ̀. Ìbálòpọ̀. Ó rántí ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀ àti gbogbo obìnrin tí ó ń yà lọ bá. Ojú rẹ̀ le bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì púpọ̀ sí.

"Kò-kánjú," ni ó wí. "Àṣé ó lè yára báyìí."

"Ẹ dúró ná, mà. Àyẹ̀wò yìí kò sọ ẹni tó mú un wá, kò sì sọ ìgbà tó dé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ní in tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin. Ó lè wà lára fún oṣù púpọ̀, ó tilẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ti ní ẹlòmíràn rí kí ẹ tó pàdé. Mi ò lè sọ pé kì í ṣe òun. Mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, mà."

Ó bá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n sá. Ó ti to irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ayùn lọ́tọ̀, òòlù lọ́tọ̀, ó sì ń fi aṣọ òróró nu irin ìfági kan tí ó ti mọ́ tipẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Aláìlábàwọ́n wí.

Kò-kánjú gbé irin ìfági náà sílẹ̀. "Mo ti di 'ẹ̀yin' nìyí. Kí ni mo ṣe?"

"Ilé ìwòsàn ni mo ti ń bọ̀. Àkóràn wà ní ojú ara mi. Ó ń yún mi, ó ń rùn, ó ti pẹ́. Ìdí tí mo fi kó lọ sí yàrá aṣọ nìyẹn." Ó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìmí. "Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri. Ẹ níláti lo oògùn."

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan fẹ́ sáàárín wọn. Kò-kánjú gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ni ọkùnrin náà?" ni ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Kí lẹ wí?"

"O sá kúrò lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ pípẹ́. Mo rò pé ara mi ló rí ọ lára. Àṣé ẹnì kan wà."

"Ẹni wo? Láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ta ló ń rí mi bí kò ṣe ṣòkòtò àwọn oníbàárà? Ẹ̀yin ni kí n bi! Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣetán láti lọ gbé yàrá lọ́nà jíjìn! Ta ló ń dúró dè yín níbẹ̀?"

"Ilẹ̀kùn," ni Kò-kánjú wí. "Ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Nǹkan kan kò ṣe mí. Mi ò ní gbé oògùn àìsàn tí mi ò ní mì."

Ó tún mú irin ìfági náà, ó ń nu ún. Aláìlábàwọ́n dúró wò ó. Ó lè yípadà kí ó wọlé; ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ó ti jáde nínú ilé kan rí pẹ̀lú orí sókè. Ó wo àpótí irinṣẹ́ náà. Ó rò ó pé bí àpótí yìí bá jáde lónìí, òun ni yóò fi ẹnu ara òun lé e jáde, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ láé. Ó fa àpótí ọṣẹ kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n fi hàn mí nínú ẹ̀rọ," ni ó wí. "Ó ní ìrù. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ní in tí wọn kì í mọ̀. Ó ní ó lè ti wà lára ọ̀kan nínú wa kí a tó pàdé. Bóyá láti ọ̀dọ̀ ọkọ mi àtijọ́, ẹni tí kò sí ilé tí kò yà. Bóyá láti ọ̀dọ̀ obìnrin tí ìwọ bá rìn lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ kú. Mi ò mọ̀. Òun náà kò mọ̀. Mo fẹ́ bá ọ jà láti ilé ìwòsàn títí dé ibí yìí, mo sì ti to gbogbo èébú náà lẹ́sẹẹsẹ."

Kò-kánjú gbọ́ "ìwọ" náà. Ó ká aṣọ òróró náà.

"Èébú wo ló ṣe ìkíní?" ni ó béèrè.

"Pé orí rẹ rí bí ìdí òòlù."

"Ó rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́." Ó fi irin ìfági sínú àpótí. "Ṣé ara mi kò rí ọ lára?"

"Ara tèmi ló rí mi lára. Mo rò pé bí o bá gbọ́ òórùn náà, o ò ní lè wò mí mọ́."

"Ilé òkú ni mo ti ń kan pósí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́," ni Kò-kánjú wí. "Òórùn wo lo fẹ́ fi dẹ́rù bà mí?"

Aláìlábàwọ́n fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ọkùnrin náà dúró tì í. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó wọ bàtà, ó so okùn rẹ̀, ó tú u, ó tún un so.

"Mi ò tíì gbà pé nǹkan kan ṣe mí o," ni ó wí. "Àmọ́ jẹ́ kí n lọ wo ẹranko oníìrù yìí."

Wọ́n lọ pọ̀. Ní yàrá ìdúródè, níwájú àwọn ìyá ọlọ́mọ àti àwọn ọmọge tí wọ́n ń wo ilẹ̀, Kò-kánjú fi ohùn káfíńtà tí ó ti fi ọdún púpọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ayùn béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá òótọ́ ni pé kòkòrò náà mọ ìwẹ̀ odò. Ọmọge kan fi ìwé bo ẹnu rẹ̀. Aláìlábàwọ́n kò ní kí ọkọ rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wo gbogbo wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó padà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà, wọ́n ṣàlàyé fún un, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní oògùn, olúkúlùkù pẹ̀lú bí yóò ṣe lò ó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù Kò-kánjú dún níbi tí wọ́n ti ń mu tíì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ. Kọ́ńtírákítọ̀ ni.

"Mi ò wá mọ́, ọ̀gá," ni Kò-kánjú wí. "Rárá, owó náà dára. Oògùn ni èmi àti ìyàwó mi ń lò, a sì níláti jọ lò ó tán. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ wà nílé." Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Rárá, kì í ṣe ibà. Àkóràn ojú ara ni."

Aláìlábàwọ́n na ọwọ́ láti já fóònù náà gbà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó fà á padà, ó gbé ife tíì rẹ̀, ó sì ń mu ún.

Ohùn kọ́ńtírákítọ̀ náà rẹlẹ̀ lójijì, bí ti ẹni tí ó rìn kúrò láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ kan.

"Ó ní òun fẹ́ bi wá ní nǹkan kan," ni Kò-kánjú sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo fóònù náà. "Ó ní ìyàwó òun náà ti ń ra ìpara yíyún kan lọ́dọ̀ olóògùn látijọ́. Ó ní níbo ni ilé ìwòsàn yẹn wà?"